Àgbọ̀n tí kì í yọ nínú fótò: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ́ńtọ̀

Mékọ́ọ̀pù ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì níbí, ohun tí mo sì máa ń rí jù ni kí oníbàárà gbé fóònù sí mi lójú pé, "Àǹtí, ẹ wo fótò òde ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé èmi rèé? Àgbọ̀n mi dà?" Tí n bá wò ó, lóòótọ́, ó ti kun kọ́ńtọ̀ dé etí, ìlà dúdú ti gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, síbẹ̀ ojú àti ọrùn ti wọnú ara wọn bí ẹ̀bà tómi ẹ̀ pọ̀ jù. Ó máa ń rò pé kọ́ńtọ̀ ni ò dáa. Kọ́ńtọ̀ ò ṣe nǹkan kan o, ibi tó yẹ kó parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi kan tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ wá bá mi nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjìlá, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé wá. Bá a ṣe ṣe é fún un ni mo fẹ́ kọ síbí, ní títẹ̀lé ara wọn, torí ẹni tó bá yí i po ló máa ń wá sọ́dọ̀ mi pé kò ṣiṣẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Fóònù tó ní táímà, àti nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé e tì tó bá ojú yín dọ́gba
- Ògiri tó tẹ́jú
- Tépù tí télọ̀ fi ń wọn èèyàn
- Síkéèlì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì lónìí kẹ́ ẹ tún lọ wọ̀n nílé ọ̀rẹ́ lọ́la
- Kọ́ńtọ̀ oníkíríìmù, kọ́nsílà, pọ́dà, fóòmù àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan

Ẹ ò nílò rọ́bà tí wọ́n ń tà pé kẹ́ ẹ máa fi eyín rún kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè mú, ẹ ò sì nílò kẹ́ ẹ máa jẹ ṣíngọ́ọ̀mù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣan tá a fi ń jẹun ni nǹkan wọ̀nyẹn ń mú tóbi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni iṣan ọ̀hún sì wà, tó bá wú, ńṣe lojú á fẹ̀ sí i, ẹran abẹ́ àgbọ̀n á ṣì wà níbi tó wà. Mo ti rí ẹni tó jẹ ẹ́ títí tí oríkèé iwájú etí ẹ̀ fi ń dún kẹ̀kẹ̀ tó bá ti ya ẹnu.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó bo àgbọ̀n yín mọ́lẹ̀

Ẹ gbé fóònù kalẹ̀ níbi tó bá ojú yín dọ́gba gan-an, kẹ́ ẹ wá dúró níwájú ẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Tí fóònù yín bá ní 2x, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fọwọ́ nà án bíi sẹ́lífì, torí tí fóònù bá ti sún mọ́ ojú jù, imú á tóbi, àgbọ̀n á fà sẹ́yìn, ẹ ó wá máa bínú sí ojú tí kì í ṣe tiyín. Kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà níwájú yín, kó má wà lókè orí. Ẹ ya mẹ́ta: ọ̀kan tẹ́ ẹ kọjú sí i, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń dúró tí ẹnikẹ́ni ò bá wò yín, èyí tó kẹ́yìn láti ẹ̀gbẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ na ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí etí wà lókè èjìká gan-an.

Ẹ wá fi àwọn méjì tẹ́ ẹ yà láti ẹ̀gbẹ́ wéra. Tí àgbọ̀n bá yọ nínú ìkẹta ju ìkejì lọ, ọrùn lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Tí méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún abẹ́ àgbọ̀n: tó bá nípọn tó sì rọ̀, ọ̀rá ni. Tí kò bá sí ẹran kankan tẹ́ ẹ rí mú níbẹ̀, síbẹ̀ tí àgbọ̀n ò yọ, á jẹ́ pé bí egungun yín ṣe rí nìyẹn. Àwọn kan wà tí àgbọ̀n wọn fà sẹ́yìn ju ètè ìsàlẹ̀ lọ, àwọn mìíì sì wà tí egungun kékeré tó wà lókè gògóńgò wọn wà nísàlẹ̀ ju tẹlòmíì, ojú irú wọn kì í ní kọ̀rọ̀ mímú lábẹ́ àgbọ̀n kódà kí wọ́n tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Eré ìdárayá ò lè yí egungun àgbàlagbà padà, fífi ahọ́n ti òkè ẹnu mọ́jú táwọn ọmọ ìsinyìí ń ṣe náà ò lè yí i padà. Irú wọn lè fo ìpele 3 kí wọ́n lọ sí 4 àti 5.

Kẹ́ ẹ tó máa lọ, ẹ ṣe eléyìí: ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbé orí sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé omi mì. Tẹ́ ẹ bá rí kókó kan nísàlẹ̀ ọrùn tó ń bá ọ̀fun gòkè bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e mì, ẹ má wá sọ́dọ̀ onímékọ́ọ̀pù, ó lè jẹ́ gẹ̀gẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Adó, ó wà ní Ìdó-Èkìtì. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni abẹ́ àgbọ̀n ṣàdédé wú, tí eyín ń ro yín tàbí ara gbóná, tó sì ṣòro láti gbétọ́ mì, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe tọ́la.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo oògùn sísanra, àwọn kóró tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ fún ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, dẹ̀sàmẹ́tásónì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. Òun ló máa ń jẹ́ kí ojú rí róbótó bí òṣùpá. Kò sí kọ́ńtọ̀ tó lè bo ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín, ó léwu, dókítà ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àyẹ̀wò: kẹ́ ẹ tó kúrò níbí, ó yẹ kẹ́ ẹ lè sọ pé "ọrùn ni", "ọ̀rá ni", "egungun ni" tàbí "méjì ló dà pọ̀". Ti àbúrò mi, ọrùn àti ọ̀rá ni. Kílò 84 ló wọ̀n, tépù sì ka 37 sẹ̀ǹtímítà ní ọrùn ẹ̀, nísàlẹ̀ gògóńgò. A kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

2. Ọrùn

Ẹ lọ dúró ti ògiri. Ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ jìnnà sí ògiri díẹ̀, bí ìka mẹ́rin, kí ìdí kàn án, kí ẹ̀yìn èjìká kàn án. Ìpàkọ́ yín ńkọ́? Tó bá kan ògiri láìjẹ́ pé ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ọrùn yín dáa. Tí kò bá kàn án, tàbí tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ wòkè kó tó kàn án, á jẹ́ pé orí yín ti ń gbé níwájú èjìká, ọrùn ìjàpá nìyẹn. Orí tó bá yọ síwájú báyẹn tó tún wolẹ̀, ńṣe ni àgbọ̀n á sún mọ́ ọ̀fun, awọ tó yẹ kó nà á wá ká jọ sábẹ́ ẹ̀. Ẹni tí ò sanra rárá lè ní àgbọ̀n méjì lọ́nà yìí.

Eré ìdárayá ẹ̀ ò le. Ẹ jókòó tàbí kẹ́ ẹ dúró, ẹ wo iwájú, kẹ́ ẹ wá fa gbogbo orí sẹ́yìn gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n ń ti dúrọ́ọ̀ pa. Ojú ò gbọ́dọ̀ wòkè, kò gbọ́dọ̀ wolẹ̀. Ẹ dá a dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tú u sílẹ̀, ìgbà 10 nìyẹn, ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀yìn ọrùn lókè ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ pé ó ń fà. Tó bá jẹ́ pé apá ni nǹkan ń rìn yín bí èèrà, tàbí tó ń dùn yín wọ èjìká lọ, ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ lọ fi han dókítà.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í nìyí o: tẹ́ ẹ bá fa orí sẹ́yìn báyẹn, abẹ́ àgbọ̀n á ká jọ, ẹ ó rí àgbọ̀n méjì nínú dígí, ẹ̀rù á bà yín. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Eré ìdárayá ni, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa dúró báyẹn kiri ìgboro. Àbúrò mi ò gbọ́, ó ń fa àgbọ̀n sẹ́yìn nínú gbogbo fótò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko bíi sójà tí ọ̀gá ẹ̀ ń bá wí, ó wá ń pè mí pé mo ti ba òun jẹ́.

Eré ìdárayá nìkan ò tó tẹ́ ẹ bá tún lọ dorí kodò sórí fóònù fún wákàtí mẹ́fà. Ẹ gbé fóònù sókè dé iwájú àyà ó kéré tán, ẹ lè fi ìgúnpá lé báàgì tẹ́ ẹ bá wà nínú màrúwá. Tó bá jẹ́ pìlò méjì-mẹ́ta lẹ fi ń sùn, ẹ dín in kù sí ọ̀kan tó mọ níwọ̀n.

Àyẹ̀wò: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ padà sídìí ògiri. Ẹ fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín ìpàkọ́ àti ògiri. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ní ìka mẹ́ta, ó di ìka kan lọ́sẹ̀ karùn-ún. Ẹ má retí pé ọ̀rá máa tibẹ̀ yọ́, kò kan ọ̀rá.

3. Ọ̀rá abẹ́ àgbọ̀n

Kò sóhun tó ń jẹ́ pé kéèyàn fọn ibì kan ṣoṣo. Ara ló ń yan ibi tó ti máa mú ọ̀rá lò, ẹlòmíì ojú ló máa kọ́kọ́ fọn, ẹlòmíì ìdí ni, àgbọ̀n á wá gbẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ máa fi yìnyín nu ọrùn tàbí kẹ́ ẹ fi náílọ́ọ̀nù dì í kó lè làágùn, omi lásán nìyẹn, tẹ́ ẹ bá mu omi tán ó ti padà.

Ìlàjì kílò lọ́sẹ̀ kan ló dáa. Ẹ má jẹ́ kó kọjá kílò kan, torí ẹni tó bá febi para ẹ̀ kó lè yára fọn, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ rù, awọ abẹ́ àgbọ̀n á wá rọ̀ jọwọlọ, ẹ ó kúrò nínú ọ̀ràn ọ̀rá bọ́ sínú ọ̀ràn awọ. Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, dókítà kọ́kọ́.

Ní ti oúnjẹ, Èkìtì là ń gbé, mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má jẹ iyán mọ́, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ. A jókòó, a kọ gbogbo ohun tí àbúrò mi ń jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kì í tiẹ̀ ṣe iyán ni wàhálà. Mọ́ọ̀tì méjì lójúmọ́, ọ̀kan nídìí iṣẹ́, ọ̀kan lálẹ́. Ọbẹ̀ ẹ̀ náà, epo máa ń léfòó lókè, bẹ́ẹ̀ síbí ìjẹun ńlá kan epo ní kálórì 120, pupa ni o, òróró ni o, kò yàtọ̀. Ó ń bu bíi síbí mẹ́rin jẹ nínú ẹ̀fọ́ lójúmọ́ láìmọ̀. Ohun tá a yí padà ò ju mẹ́ta lọ. Mọ́ọ̀tì di ti Sunday nìkan, omi ló rọ́pò ẹ̀. Epo ọbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi síbí wọ̀n ọ́n dípò kó máa dà á látinú kẹ́ẹ̀gì. Iyán tó ń gé bí ìkúùkù méjì di ìkúùkù kan, ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, ẹja ò dín kù torí ẹja ni ò jẹ́ kí ebi tètè pa á. Ó wá ń rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, Adó yìí kò sì ṣàìní òkè téèyàn lè gùn.

Iyọ̀ náà wà níbẹ̀ o. Kì í sanni lára, ṣùgbọ́n ó ń dá omi dúró. Ẹni tó bá jẹ núdù pẹ̀lú gbogbo mágí inú ẹ̀ lálẹ́, tàbí tó mu bíà tó fi súyà tì í, ojú ẹ̀ á wú láàárọ̀, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti pòórá. Nítorí náà, ọjọ́ méjì ṣáájú òde, ẹ dín iyọ̀ àti mágí kù, kẹ́ ẹ sì sùn dáadáa.

Àyẹ̀wò: ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ wọn ọrùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tí kílò bá ń lọ sókè lọ sódò láàárín ọjọ́ méjì, omi ni, ẹ má bínú sí i. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ padà sídìí ìwé tẹ́ ẹ kọ oúnjẹ sí, nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò kọ. Ti àbúrò mi, puff-puff ni.

4. Kọ́ńtọ̀

Ẹ má yan àwọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́, ọwọ́ àti ojú kì í sábà dọ́gba. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ jáde sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Ó yẹ kó dúdú ju ara yín lọ ní ìpele kan sí méjì, kó rí bí òjìji. Àwa aláwọ̀ dúdú, èyí tó bá ní eérú nínú máa rí bí ẹni tó nu ojú nídìí àdògán, èyí tó bá sì pupa jù á dà bí epo. Búráùn tó jinlẹ̀, tí kò pọ́n tí kò sì rí bí eérú, òun lẹ̀ ń wá.

Ẹ fi ìka tẹ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìdí etí títí dé àgbọ̀n, ẹ ó gbọ́ etí ẹ̀ lábẹ́ ìka. Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í: orí egungun ni wọ́n ń fà á sí. Òjìji kì í wà lórí nǹkan, abẹ́ nǹkan ló ń wà. Ẹ fi kọ́ńtọ̀ sí abẹ́ etí egungun yẹn, kó fẹ̀ bí ọmọńdinrín, bẹ̀rẹ̀ láti ìdí etí, kẹ́ ẹ wá fi díẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n níbi tí ẹran wà. Ẹ mú fóòmù tó tutù díẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ sí ọrùn. Ẹ má nù ún gòkè láéláé, tẹ́ ẹ bá nù ún gòkè ẹ ti pa ìlà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú kọ́nsílà tó fi ìpele kan mọ́lẹ̀ ju ara yín, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fa á tín-ín-rín sórí etí egungun náà, kẹ́ ẹ kan díẹ̀ sí àárín àgbọ̀n. Dúdú nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lókè, bí kọ̀rọ̀ ilé ṣe máa ń hàn nìyẹn.

Pọ́dà díẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀ kó má bàa yọ́ sí ọrùn léèsì. Ẹ ṣọ́ra fún pọ́dà funfun, tí fíláàṣì bá ti kàn án ẹ ó dà bí ẹni tó fẹfun kunjú.

Àyẹ̀wò: ẹ ya fótò kan pẹ̀lú fíláàṣì, ọ̀kan láìsí fíláàṣì, kẹ́ ẹ wá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ya ìkẹta. Tẹ́ ẹ bá lè tọ́ka síbi tí kọ́ńtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́ tó, ilà lẹ kọ yẹn.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ní irùngbọ̀n, ẹ̀yin ò nílò èyí. Ẹ sọ fún báábà kó gé ìsàlẹ̀ irùngbọ̀n sí nǹkan bí ìka méjì lókè gògóńgò. Tó bá gé e dé etí egungun gan-an, gbogbo abẹ́ àgbọ̀n ló máa tú síta.

5. Níwájú kámẹ́rà

Ẹ rántí pé ìdí ògiri, ẹ̀yìn là ń fa orí sí. Níwájú kámẹ́rà, òdìkejì ni: ẹ na ọrùn sókè, ẹ ti iwájú orí síwájú díẹ̀, bí sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì sọ àgbọ̀n kalẹ̀ díẹ̀. Awọ abẹ́ àgbọ̀n á nà, etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ju òjìji sí ọrùn fúnra ẹ̀. Ó máa ń ṣe èèyàn bákan, ẹ ó rò pé ìjàpá ni yín, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú yín ò ní rí i. Ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa rí i, nítorí náà ẹ má ṣe é tí wọ́n bá ń ya yín láti ẹ̀gbẹ́. Ahọ́n tá a sọ lẹ́ẹ̀kan pé kò lè yí egungun padà, ibí ló ti wúlò: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu, abẹ́ àgbọ̀n á gòkè fún ìṣẹ́jú àáyá yẹn.

Ẹ sọ fún fótógíráfà kó má kúnlẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn àtimáa kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó kí aṣọ lè hàn, kámẹ́rà á wá máa wo abẹ́ àgbọ̀n gbangba. Kó jẹ́ kí kámẹ́rà bá ojú dọ́gba tàbí kó ga ju ojú lọ díẹ̀. Iyùn tó bá pọ̀ dé abẹ́ àgbọ̀n náà ń gé ọrùn kúrú, ẹ jẹ́ kí èyí tó sún mọ́ ọ̀fun mọ ní ẹyọ kan, kí ìyókù sọ̀ kalẹ̀ sí àyà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, síkéèlì ka 78 ààbọ̀ fún àbúrò mi, tépù ka 35 ààbọ̀. A ya fótò mẹ́ta yẹn níwájú fèrèsé kan náà láìsí mékọ́ọ̀pù, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ láti ìdí etí dé ìdajì, àgbọ̀n ṣì rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, kọ́ńtọ̀ wá parí ìyókù. Nínú gbogbo fótò ọjọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni àgbọ̀n méjì ti padà wá: wọ́n ká a mọ́bi tó dorí kodò sórí iyán, òkèlè lọ́wọ́, ẹnu kún. Èyí tí màmá ẹ̀ sì ní kí wọ́n fọ̀ tóbi gbé kọ́ sí pálọ̀ nìyẹn.